Táńkì mélòó ló tó fún òrùlé ilé ìwé? Ìṣirò omi òjò láti orí páànù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣírò omi òjò fún ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ṣe é bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Mo wá iye omi tí òrùlé wọn máa gbà lọ́dún, mo pín in sí ọ̀nà 12, ó fún mi ní 23,000 lítà lóṣù. Mo ní kí wọ́n ra táńkì 10,000 lítà méjì, mo sì lọ sílé. Títí òjò àrọ̀kúrò fi dá, gbogbo ènìyàn ló ń kí mi kú iṣẹ́. Kí oṣù Bélú, ìyẹn oṣù kọkànlá, tó tán, ẹ̀rọ omi wọn ti ń pòṣé, àwọn ọmọ sì ti tún ń ru kẹ́ẹ̀gì láti kànga àwọn ará àdúgbò. Màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà pè mí. Wọn ò bínú rárá, wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, omi ọdún kan lo ṣírò fún wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la sì fẹ́ mu ún."

Láti ọjọ́ náà, oṣù tí òjò kì í rọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò táńkì. Ilé ìwé yẹn kan náà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ: ilé gígùn kan ṣoṣo, páànù lórí, ọmọ 242 pẹ̀lú olùkọ́ 8. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 250. Gbogbo wọn ń ti ilé wá ni, kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀.

Ẹ wọn ilẹ̀ tí òrùlé bò

Òjò kò mọ̀ pé òrùlé dagun. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí òrùlé bò ló máa bá pàdé, nítorí náà ẹ ò nílò àkàbà. Ẹ wo abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, níbi tí omi ti máa ń kán sílẹ̀ títí tó fi gbẹ́ ojú ihò kéékèèké sára ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìlà ihò yẹn ni etí òrùlé yín. Ẹ na tépù láti ìlà ihò iwájú dé ìlà ihò ẹ̀yìn. Níbi iṣẹ́ tiwa, ó jẹ́ mítà 10. Ẹ tún na án láti ìpẹ̀kun ilé náà lápá kan dé ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá kejì, pẹ̀lú ibi tí páànù ti yọ kọjá ògiri. Ó jẹ́ mítà 30. Tí a bá sọ 10 di ọ̀nà 30, ó jẹ́ 300 mítà níbùú lóròó.

Ibi tí àwọn kafíńtà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà nìyí, torí wọ́n mọ iye páànù tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé. Páànù tó dagun gùn ju ilẹ̀ tó bò lọ. Lórí ilé yìí, gígùn páànù láti òkè téńté dé etí jẹ́ 5.8 mítà lápá kan, nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5 péré. Ẹni tó bá lo iye kafíńtà máa gba 348 dípò 300, á sì máa retí omi tí kò sí níbì kankan.

Bí òrùlé yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe, mi ò ní gbà yín níyànjú láti mu omi rẹ̀. Ẹ fi fọ ilẹ̀, ẹ fi bomi rin ọgbà.

Láti mìlímítà òjò sí lítà omi

Ẹ mú omi inú ọ̀rá méjì, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ lítà, kí ẹ dà á sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tí ẹ ti fi amọ̀ dí etí rẹ̀ yíká. Omi náà máa ga tó mìlímítà kan gééré. Gbogbo àṣírí iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: mìlímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé wa, 300 lítà ló bọ́ sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa dé inú táńkì. Oòrùn á fà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ òmíràn dànù, a ó sì mọ̀ọ́mọ̀ da omi àkọ́kọ́ tó fọ eruku orí páànù nù. Páànù lásán máa ń fún wa ní bíi 9 nínú 10. Mo máa ń yọ ọ̀kan sí i nítorí omi ìdọ̀tí tí a ó dànù, ó wá ku 8 nínú 10, tí à ń kọ báyìí: 0.8.

Ní ti òjò fúnra rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gba nǹkan bíi 1,200 mìlímítà lọ́dún. Ọdún kan kì í bá èkejì dọ́gba, nítorí náà mo fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí 1,150, mo sì pín in sí oṣù kọ̀ọ̀kan ní iye tó rọrùn láti ṣírò. Tí ẹ bá rí iye ọdún mẹ́wàá gbà lọ́wọ́ NiMet, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, tiwọn ni kí ẹ lò. Ìṣirò ọdún kan wá lọ báyìí, tí A jẹ́ ilẹ̀ tí òrùlé bò, R jẹ́ mìlímítà òjò, C jẹ́ ìpín tó dé táńkì, V sì jẹ́ lítà omi:

```
V = A × R × C
V = 300 × 1150 × 0.8
V = 276000
```

276,000 lítà! Ibí yìí ni orí mi ti wú nígbà yẹn, tí mo sì dákẹ́ ìṣirò.

Omi tí ilé ìwé máa lò

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi 5 lítà sílẹ̀ fún ẹnì kan lójúmọ́ ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń ti ilé wá. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń sùn síbẹ̀ ni, ó di 20. Omi tí a ń dà sí ilé ìyàgbẹ́ kò sí nínú 5 yẹn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ènìyàn 250 lọ́nà 5 jẹ́ 1,250 lítà lójúmọ́.

Ọjọ́ tí ilé ìwé ṣí nìkan ni kí ẹ kà. Mo fi kàlẹ́ńdà ilé ìwé síwájú, mo ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo rí 187 láàárín ọdún. 1,250 lọ́nà 187 jẹ́ 233,750 lítà. Omi tó ń wọlé lọ́dún ju èyí lọ dáadáa, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o, torí pé omi náà kì í wọlé ní ìgbà tí a ń lò ó.

Láti oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin, títí dé Ọ̀wàrà, oṣù kẹwàá, kò sí wàhálà. Iye tí mo lò fún oṣù méje yẹn ni 110, 150, 170, 150, 110, 190 àti 150 mìlímítà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, omi tó wọlé ju èyí tí a lò lọ. Kódà oṣù kẹjọ tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé gan-an, bíi pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ohun tó ń pa táńkì ni oṣù márùn-ún tó kù. Mìlímítà kan ń mú 240 lítà wọ táńkì wa (300 lọ́nà 0.8), nítorí náà wọ́n rí báyìí:

| Oṣù | Òjò (mm) | Omi tó wọlé (lítà) | Ọjọ́ ilé ìwé | Omi tí a lò (lítà) | Àìtó (lítà) |
|---|---|---|---|---|---|
| Bélú (11) | 20 | 4,800 | 21 | 26,250 | 21,450 |
| Ọ̀pẹ̀ (12) | 5 | 1,200 | 10 | 12,500 | 11,300 |
| Ṣẹ́rẹ́ (1) | 5 | 1,200 | 16 | 20,000 | 18,800 |
| Èrèlé (2) | 20 | 4,800 | 20 | 25,000 | 20,200 |
| Ẹrẹ́nà (3) | 70 | 16,800 | 21 | 26,250 | 9,450 |

Ẹ ro àìtó yẹn pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: 81,200 lítà. Omi tó gbọ́dọ̀ wà nínú táńkì lọ́jọ́ tí oṣù Ọ̀wàrà parí nìyẹn, tí ilé ìwé bá fẹ́ lo 5 lítà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́dúró. Táńkì 10,000 lítà mẹ́jọ kò tó o, ó di mẹ́sàn-án. Ẹ wo 20,000 tí mo ní kí wọ́n rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú 4,800 tó rọ̀ ní Bélú, 24,800 lítà ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Tí a bá pín in sí 1,250, kò pé ogún ọjọ́ ilé ìwé. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ dín omi kù kí ẹ tó ra táńkì kún táńkì

Ilé ìwé ìjọba wo ló máa rí owó táńkì mẹ́sàn-án? Nígbà tí mo padà lọ, èmi àti màmá ọ̀gá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wọn, a pín ìlò omi sí méjì. Lásìkò òjò, 5 lítà, kí wọ́n lò ó dáadáa, kí wọ́n fi fọ ilẹ̀ kíláàsì náà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òjò di ti mímu àti ti fífọ ọwọ́ nìkan: 2 lítà lórí ẹnì kan. Omi kànga, tí kì í tán pátápátá ṣùgbọ́n tí ń fà wálẹ̀, á máa ṣe iṣẹ́ tó kù. Màmá fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹ̀rọ kan, wọ́n sì fi olùkọ́ kan ṣọ́ ọ.

Ìlò di 500 lítà lójúmọ́. Mo tún ìṣirò ṣe, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti wọ̀ mí lórí, mi ò ka òjò Ọ̀pẹ̀, Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé sí nǹkan kan. Ìdí ni pé òjò ìgbà ọyẹ́ kì í pọ̀, eruku orí páànù sì nípọn. Omi tí a ó fi fọ páànù nìkan lè gba èyí tó pọ̀ nínú òjò bẹ́ẹ̀. Ní Bélú, a ó lo 10,500, 4,800 á wọlé, àìtó jẹ́ 5,700. Ní Ọ̀pẹ̀, a ó lo 5,000. Ní Ṣẹ́rẹ́, 8,000. Ní Èrèlé, 10,000. Àròpọ̀ àìtó jẹ́ 28,700 lítà. Ní Ẹrẹ́nà, òjò àkọ́rọ̀ máa mú ju ohun tí a ń lò wá, nítorí náà ìṣirò dúró níbẹ̀.

Láti 81,200 sí 28,700, torí pé a yí ìlò oṣù díẹ̀ padà. Táńkì 10,000 lítà mẹ́ta ló kájú ẹ̀, ó sì kájú ẹ̀ ní ṣín-ín-ṣín ni. Ẹnu ẹ̀rọ kì í wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. A máa ń fi í sókè tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí ó má baà fa ìdọ̀tí tó ti rì sílẹ̀. Táńkì 10,000 tó ga ní mítà 2.5 ń gba 400 lítà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta wọn jẹ́ 1,200 lítà tí ẹnikẹ́ni ò ní mu. Ó ku 28,800, tó fi 100 lítà péré ju ohun tí a ń wá lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá pẹ́ wọ Ẹrẹ́nà, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó ti máa dá wọn lágara. Bí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀kẹrin. Wọn ò rówó ẹ̀ níhìn-ín, wọ́n gbà pé bí oṣù náà bá bẹ̀rẹ̀ láìsí òjò, lítà 2 á di 1.

Kí ẹ tó sanwó táńkì, ẹ wọn gíga ọ̀ṣọ̀rọ̀

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé táńkì délé tán kí wọ́n tó rí i pé orí rẹ̀ ga ju ẹnu páìpù lọ. Omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Etí òrùlé wa ga ní mítà 3.2 láti ilẹ̀. Ọ̀pá ọ̀ṣọ̀rọ̀ á gba sẹ̀ǹtímítà 10 nínú rẹ̀, á tún rọ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 kó tó dé ìdí táńkì. Ó ku 2.95. Ìdúró táńkì gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 40 kí kọ́rọ́bá lè wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Ó ku 2.55 fún táńkì àti páìpù tó ń wọ inú rẹ̀. Gíga táńkì 10,000 kì í dọ́gba láàárín àwọn tó ń ṣe é, ẹ mú tépù lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá wọlé, ẹ ra ti 5,000 mẹ́fà tó kúrú díẹ̀.

Ẹ rántí pé 10,000 lítà omi wúwo tó tọ́ọ̀nù 10. Bíríkìlà gbọ́dọ̀ fi kọnkéré tó dán ṣe ìdúró rẹ̀, kí gbogbo ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ọ̀gbọọgba, torí a ó fi páìpù so wọ́n pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ, òun ni á máa kún dànù nígbà tí àwọn yòókù ò tíì kún. Ẹ fi ohun ìtìpa sẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè fọ ọ̀kan láìfọwọ́ kan ìyókù.

Ọ̀ṣọ̀rọ̀ àti omi àkọ́kọ́

Òfin ọwọ́ tí mo ń lò ni sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó nínú ọ̀pá ọ̀ṣọ̀rọ̀ fún mítà kan níbùú lóròó òrùlé. Apá iwájú jẹ́ 150, apá ẹ̀yìn jẹ́ 150. Ọ̀pá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó jìn ní 10, bá a mu rẹ́gí. Ẹ jẹ́ kó dagun ní ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí mítà 30, sẹ̀ǹtímítà 15 tí mo yọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Páìpù oní-ínṣì mẹ́rin kan fún apá kọ̀ọ̀kan ló ń gbé omi sọ̀kalẹ̀. Ní ìdí táńkì tí ọ̀pá ti lọ sílẹ̀ jù, ọ̀wààrà òjò máa ń fò kọjá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kí kafíńtà kan páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ etí òde ọ̀pá náà láti dá a padà.

Omi tó kọ́kọ́ wá láti orí páànù ní ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá nínú, àti eruku ọyẹ́. Lítà kan fún mítà kan níbùú lóròó ni mo ń dànù, 150 lítà lápá kọ̀ọ̀kan. Páìpù oní-ínṣì mẹ́rin gba nǹkan bíi lítà 8 péré nínú mítà kan, nítorí náà páìpù kúkurú tí àwọn kan máa ń so mọ́ ògiri kò lè gba ìyẹn. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà tó ní ìdérí ni a fi sí apá kọ̀ọ̀kan. A sọ páìpù wọ inú rẹ̀ láti orí. Bí ó bá kún, omi á padà sókè, á yà sí táńkì. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ kó máa sun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣófo ṣáájú òjò mìíràn. Ẹ yẹ ihò yẹn wò. Bí ewé máńgòrò bá dí i, dúrọ́ọ̀mù á kún láti òjò àná, gbogbo ìdọ̀tí òní á sì gba orí rẹ̀ wọ táńkì lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lẹ́nu táńkì àti lẹ́nu páìpù tó ń tú omi àkúnwọ́sílẹ̀. Omi tí àwọn ọmọ máa mu, kí wọ́n sè é tàbí kí wọ́n fi kilorín sí i.

Ìgbà tí òjò bá rọ̀, ẹ yẹ iṣẹ́ wò

Ẹ gbé agolo mílíìkì kan tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ dọ́gba sí gbangba, jìnnà sí igi àti ilé. Lẹ́yìn òjò, ẹ ti rúlà bọ inú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 20. Lórí òrùlé wa, lítà tó yẹ kó dé táńkì jẹ́ 20 lọ́nà 240, ìyẹn 4,800. Ẹ pín in sí táńkì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1,600. Ní 400 lítà fún sẹ̀ǹtímítà 10, omi gbọ́dọ̀ ti ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti igi tó mọ́ bọ inú táńkì ṣáájú òjò àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí omi mu ún dé.

Lọ́jọ́ tí a ṣe é, sẹ̀ǹtímítà 25 péré la rí. 3,000 lítà ló wọlé, 1,800 sì ti gba ibòmíràn lọ. Mo rìn yípo ilé náà. Lápá ẹ̀yìn, ní nǹkan bíi mítà 8 sí ìdí táńkì, ojú ihò tuntun wà lórí ilẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Èèkàn kan tó gbé ọ̀pá dúró ti tú, ọ̀pá sì ti tẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, omi ń ti ibẹ̀ dà bí ẹni ń da agbè. Kafíńtà fi ìṣó mẹ́ta kàn án padà. Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, agolo mílíìkì ní mìlímítà 14, èyí tó yẹ kó fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 28, igi inú táńkì sì ní 27.